Òṣómàáló

Ọjọ́rú, alẹ́. Kò sí iná láti agogo márùn-ún. Òjò rọ̀ ní Ìjàpọ̀, kò dé ọ̀dọ̀ wa ní Òkè Àró. Mo ra èlùbọ́ ní Ọjà Ọba. Ìyẹn ni ti òní.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé ni kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Mò ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè ní ọ́fíìsì, mo sì gbọ́ ohùn kan láti inú yàrá tí a ń kó ìwé sí: "Òṣómàáló ti tún dé o." Ẹlòmíì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo wọlé, wọ́n kí mi dáadáa, ẹ káàárọ̀ mà, ṣé ẹ jí ire, èmi náà sì dá wọn lóhùn. Mi ò mọ ẹni tó sọ ọ́. Rárá, mo mọ̀ ọ́n. Mi ò kàn fẹ́ kí n mọ̀ ọ́n ni.

Ìjẹ̀ṣà ni màmá mi àgbà, àtẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ yẹn. Láyé àtijọ́, àwọn oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà máa ń kiri aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á dá ọjọ́ owó. Tí ọjọ́ bá pé tí owó ò sí, wọn ò ní gba àga tẹ́ ẹ bá fún wọn. Wọ́n á lóṣòó síwájú ilé, wọ́n á ní orí òṣó yẹn làwọn máa wà títí owó àwọn á fi pé. Màmá ní kì í ṣe gbèsè yẹn gan-an ló ń dun èèyàn, àwọn tó ń kọjá lọ lójú títì ni.

Àwọn tó ń kọjá lọ. Mo ti ń ronú nípa wọn láti ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà níbí látìgbà iṣẹ́ Ìdànrè mọ àwa márààrún tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Ìwé orúkọ àwọn àgbẹ̀ kókó la wà lórí ẹ̀ báyìí, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú abúlé tiẹ̀, èmi ni mo sì ń so gbogbo ẹ̀ pọ̀. Orúkọ àgbẹ̀ nìkan kò tó mọ́, ẹ̀ẹ́ mú ibi tí oko wà gan-an lórí ilẹ̀ wá. Òfin ilẹ̀ Yúróòpù ló fà á: kókó tí wọ́n máa gbà kò gbọdọ̀ wá láti ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó orí ẹ̀ lẹ́yìn 31 Oṣù Kejìlá 2020. Oko tó bá ju hẹ́kítà 4 lọ, a ní láti rìn yí i ká, kí fóònù máa gba ipa ẹsẹ̀ wa sílẹ̀. Èyí tí kò tó bẹ́ẹ̀, ojú kan ṣoṣo nínú oko ti tó. Abúlé mẹ́rin ti wọlé. Ti Aládé ló kù, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n wa ló sì wà. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn tó ń fún wa ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìgbà yẹn.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, agogo mẹ́sàn-án kọjá, mo kọ èyí sínú ẹgbẹ́ wa lórí Wasáàpù:

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo ṣì ń retí àwọn orúkọ tó yẹ kó ti wọlé láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ rántí pé gbogbo wa la jọ fẹnu kò lórí ọjọ́ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká ṣe é."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kí n tó tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo rò pé ó tutù. Mo kí wọn, mo ní ẹ jọ̀ọ́, mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Kí ló tún kù?

Ẹ wo "ẹ" yẹn ná. Mo ń bá èèyàn mẹ́rin sọ̀rọ̀, ẹ ni mo máa lò. Mo ń bá ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, ẹ náà ni. Àwọn mẹ́ta tó ti fi tiwọn ránṣẹ́ kà á, ó dà bíi pé mo ń bá wọn wí lórí ohun tí wọ́n ti ṣe parí. Ẹ̀gbọ́n kà á, ó dájú fún wọn pé àwọn nìkan ni, àti pé mo kàn fi ọ̀pọ̀ èèyàn bo ojú ọ̀rọ̀ náà ni. Àìdárúkọ tí mo pè ní ọ̀wọ̀, òun gan-an ló di òwe tí wọ́n ń pa mọ́ èèyàn láàárín àwùjọ. Olúwarẹ̀ kò sì lè dáhùn, torí tó bá dáhùn, ó ti gbà pé òun ni.

Ojúde ni inú ẹgbẹ́ yẹn. Mo lóṣòó síbẹ̀ lójú àwọn tó ń kọjá lọ. Nítorí náà, ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn nínú yàrá ìwé... mi ò ní sọ pé ó jàre. Kò jàre. Ó dùn mí. Ṣùgbọ́n orúkọ tó mú, ó bá ohun tí mo ṣe mu.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ: lọ́jọ́ Ajé, lẹ́yìn tí mo ti gbọ́ ọ, mo padà sókè nínú ẹgbẹ́ láti wá ibi tí mo ti sọ pé ọjọ́ Ẹtì. Mi ò rí i. Ohun tí mo kọ ni "ìparí ọ̀sẹ̀". Lọ́dọ̀ tèmi, ọ̀sẹ̀ iṣẹ́ parí lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́dọ̀ ẹni tó jẹ́ pé ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa ń rí àwọn àgbẹ̀ nílé, ìparí ọ̀sẹ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo wá sọ fún wọn pé gbogbo wa la fẹnu kò. Ibi tó yẹ kí n ti kọ́kọ́ lọ nìyẹn kí n tó kọ ohunkóhun, kí n lọ wo ohun tí mo sọ gan-an, ọjọ́ tí mo dá, àti ẹni tó gbà á. Ìṣẹ́jú méjì ni. Mo gbójú fò ó torí mo dá ara mi lójú.

Kì í sì í ṣe pé mi ò lè tutù. Ní Oṣù Kẹta, mo tutù débi pé mo gbàdúrà ìlà mẹ́fà fún wọn, mo ki ìránnilétí bọ àárín ẹ̀, mo sì fi ìbùkún parí. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dáhùn pé "Àmín". Àmín nìkan. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí n tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó rí i pé mo ń béèrè nǹkan. Mi ò rò pé ìwà tútù ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Mi ò sọ ohun tó kù ni, mi ò sì sọ ọjọ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo kọ òmíràn, sí ẹ̀gbọ́n nìkan, ní agogo mẹ́wàá àárọ̀. Ó gbà mí tó wákàtí kan. Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kò tíì fi orúkọ Aládé ránṣẹ́." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ni mo fi ṣáájú, àti ohun tí wọn kò ṣe. Mo pa á rẹ́, mo fi iṣẹ́ ṣáájú. Bó ṣe lọ nìyí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ oko o. Orúkọ Aládé ló kù kí n lè so ìwé náà pọ̀. Èmi ni mo kọ ìparí ọ̀sẹ̀, mi ò sọ ọjọ́ kan pàtó, ẹ má bínú. Ọjọ́bọ̀ ní ọ̀sán ni mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ lọ. Bí kò bá tíì pé, ẹ fi èyí tó wà nílẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ wo ìyókù. Ṣé kí n pè yín ní agogo mẹ́rin?"

Mo tún fẹ́ fi "mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu" sí i. Mo yọ ọ́. Mo ti ń yọ wọ́n lẹ́nu, kí ni mo tún ń sẹ́ fún?

Wọn ò dúró de agogo mẹ́rin. Wọ́n pè. Orúkọ 38 ni gbogbo ẹ̀, 36 sì ti ṣetán láti ọjọ́ Àbámẹ́ta. Oko méjì ló há wọn lọ́rùn, méjèèjì ju hẹ́kítà 4 lọ. Wọ́n ti rin ọ̀kan dé ìdajì kí fóònù tó kú, ipa ẹsẹ̀ tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sì lọ pẹ̀lú ẹ̀. Ẹni tó ni ìkejì lọ sìnkú ní Ifẹ̀, wọn ò sì lè wọ oko olóko lẹ́yìn ẹ̀. "Mi ò fẹ́ kó ìdajì iṣẹ́ fún ọ, àbúrò. Èèyàn kì í gbé iyán tí kò kúnná síwájú àlejò." Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyẹn. Nǹkan kan gbé mi lọ́fun.

Mo ti rò pé wọ́n gbàgbé ni. Tàbí, kí n sọ òótọ́, pé torí mo kéré sí wọn ni wọn ò ṣe ka ọ̀rọ̀ mi sí. Kò sí ìkankan níbẹ̀. Ojú ló ń tì wọ́n nítorí oko méjì, èmi sì lọ fi kún ìtìjú náà lójú gbogbo ayé. Ká ní mo ti ń béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kí ló wà nílẹ̀, dípò kó ti parí àbí kò tíì parí, orúkọ 36 ì bá ti wọlé láti ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Àmọ́ ẹ dúró ná. Kí ni kí n ṣe fún àwọn mẹ́ta tó mú tiwọn wá lásìkò? Àwọn náà ń wò mí. Bí mo bá ń fi ohùn jẹ́jẹ́ bá ẹni tó pẹ́ sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀, ohun tí wọ́n máa rí ni pé èèyàn lè pẹ́ kí ohunkóhun má ṣẹlẹ̀. Mi ò ní ìdáhùn sí ìyẹn. Lánàá mo kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ pé 36 ti wọlé láti Aládé, pé oko ńlá méjì ló kù, àti pé èmi ni mi ò dá ọjọ́ tó yanjú, kì í ṣe wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn mẹ́ta náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dárúkọ abúlé wọn. Bí ọ̀rọ̀ tí mo fi dá èèyàn lẹ́bi bá lè wà lójúde, ti ọpẹ́ náà lè wà níbẹ̀. Àbúrò wa tó kéré jù fi ọwọ́ ọpẹ́ sí i. Ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú yàrá ìwé kà á, kò sọ nǹkan kan.

Mo fẹ́ kó sọ nǹkan. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ kó sọ.

Ọ̀la ni Ọjọ́bọ̀. Mo máa kó 36 lọ, màá sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ pé méjì ń bọ̀. Onílẹ̀ náà máa dé láti Ifẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n ní àwọn máa rìn ín lọ́jọ́ Ajé. Mo bi wọ́n bóyá kí n rán wọn létí. Wọ́n ní, "Pè mí láàárọ̀ kùtù, kí fóònù má lọ tún kú." Mo ní fóònù kékeré kan tó ń gba iná sílẹ̀ dáadáa, mo máa fi rán ọmọ sí wọn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Kí n tó sùn, kí n wá okùn ẹ̀. Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo rò bẹ́ẹ̀.