Ìjà ìgbìmọ̀ olùwádìí, kí ìwé tó jáde ni

Iṣẹ́ mi ni kí n dúró ti àwọn tí ìgbìmọ̀ olùwádìí bá ránṣẹ́ pè. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń bẹ̀rù ọjọ́ tí wọ́n máa búra, tí lọ́yà máa da ìbéèrè bò wọ́n. Èmi kì í bẹ̀rù ọjọ́ yẹn tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó ń já mi láyà ni àwọn oṣù tó tẹ̀ lé e, nígbà tí kálukú ti gba ilé lọ, tí alága sì jókòó, tó ń kọ èrò ọkàn rẹ̀ nípa wọn sínú ìwé.

Ìgbìmọ̀ olùwádìí kì í ṣe ilé-ẹjọ́. Ó lè pe ẹlẹ́rìí ní dandan, ó lè ní kí ẹ kó ìwé wá, ẹni tó bá sì kọ̀ láìnídìí lè rí ìjà òfin. Ṣùgbọ́n agbára yẹn kò kọjá ohun tí òfin tó gbé e kalẹ̀ àti ìwé tí wọ́n fi yàn án fún un. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń béèrè àwọn ìwé méjèèjì kí n tó wo ohunkóhun mìíràn. Ní Nàìjíríà, ìjọba àpapọ̀ gbé ìgbìmọ̀ tí Adájọ́ Chukwudifu Oputa darí kalẹ̀ ní 1999 láti wádìí bí wọ́n ṣe tẹ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lójú. Àwọn kan tí wọ́n pè kọ̀, wọ́n gba ilé-ẹjọ́ lọ. Ní 2003, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sọ pé lábẹ́ ìwé òfin 1999, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni àṣẹ láti ṣòfin lórí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀, àti pé Abuja nìkan ni ti ìjọba àpapọ̀ dé. Ẹ̀yìn tí ìgbìmọ̀ ti ṣiṣẹ́ tán ni wọ́n tó mọ̀ pé agbára tó fi ń pe èèyàn ní dandan kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Ìwé tí ìgbìmọ̀ máa kọ ńkọ́? Lójú òfin, èrò àti ohun tí wọ́n rí ni. Kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, kò sì sọ ẹnì kan di ajigbèsè. Tí ọlọ́pàá bá fẹ́ fẹ̀sùn kan èèyàn lẹ́yìn náà, àfi kí wọ́n tún kó ẹ̀rí jọ kí wọ́n sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ níwájú adájọ́. Àwọn kan á gbọ́ èyí, wọ́n á ní kò sí wàhálà nígbà náà. Orúkọ tó bàjẹ́ nínú ìwé ìjọba kì í dúró de ilé-ẹjọ́ kí ó tó lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹjọ́ tí mo máa ń sọ fún àwọn tí mo bá ṣiṣẹ́ ni ti bàálù Air New Zealand tó forí sọ Òkè Erebus ní Àńtákítíkà ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá, 1979. Èèyàn 257 ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó yè. Olùwádìí ìjàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú kọ́kọ́ dẹ́bi fún awakọ̀. Nígbà tó yá, Adájọ́ Peter Mahon di olùwádìí àgbà, ó sì rí nǹkan mìíràn: ilé-iṣẹ́ ti yí ọ̀nà tó wà nínú kọ̀ǹpútà padà ní òru tó ṣáájú ìrìn-àjò náà, láìsọ fún àwọn awakọ̀, tí wọ́n rò pé ojú omi gbalasa làwọn ń gbà.

Ká ní Mahon dúró síbẹ̀ ni, bóyá ọ̀rọ̀ ì bá tán. Ṣùgbọ́n nínú ìwé rẹ̀ ní 1981, ó tún sọ pé àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà jọ gbìmọ̀ láti parọ́ fún òun, ó sì ní kí ilé-iṣẹ́ san 150,000 dọ́là owó Niu Sílándì sí ìnáwó ìwádìí. Kò tí ì sọ ọ́ lójú wọn nígbà ìjókòó pé ohun tí òun ń fura sí nìyí. Ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fagi lé owó náà. Ní 1983, àwọn adájọ́ Ìgbìmọ̀ Olùdámọ̀ràn Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ ilé-ẹjọ́ ìkẹyìn fún Niu Sílándì nígbà náà, fọwọ́ sí ìdájọ́ yẹn, wọ́n sì là á yé wa pé ohun méjì ni olùwádìí jẹ àwọn èèyàn. Àkọ́kọ́, kí ohun tó bá sọ dúró lórí ẹ̀rí tó ní ìwọ̀n. Èkejì, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa bà jẹ́ mọ̀ tẹ́lẹ̀, kí ó lè mú ohun tó lè yí èrò olùwádìí padà wá. Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Òfin náà gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé wọn kò fọwọ́ kan ohun tí Mahon sọ nípa ìdí tí bàálù fi já. Ilé-ẹjọ́ kì í tún ìwádìí ṣe, bí wọ́n ṣe ṣe é ló ń yẹ̀ wò.

Ibi tí lẹ́tà ìkìlọ̀ ti wọlé nìyẹn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà 2006 sọ pé alága kò gbọdọ̀ kọ àríwísí tó lágbára nípa ẹnikẹ́ni sínú ìwé rẹ̀ àfi tó bá ti fi irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, tó sì fún un láyè láti fèsì. Lẹ́tà náà gbọ́dọ̀ sọ àríwísí ọ̀hún àti ẹ̀rí tó gbé e dúró. Àṣírí ni, ẹ má ṣe fi han ọ̀rẹ́, ẹ má sì gbé e fún oníròyìn. Níbi tí irú ìlànà bẹ́ẹ̀ kò sí, mo máa ń kọ̀wé béèrè pé tí wọ́n bá fẹ́ bu ẹnu àtẹ́ lu ẹni tí mo dúró fún, kí wọ́n sọ ọ́ fún wa ṣáájú. Ìwé yẹn wúlò níwájú ilé-ẹjọ́ tí wọ́n bá kọ̀.

Ẹnì kan tí mo dúró fún, tó ń tọ́jú ilé ìkẹ́rùsí, gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó fọwọ́ sí ẹrù tó mọ̀ pé kò dé. Inú bí i, ó kọ ojú ewé mẹ́fà nípa bí òun ṣe jẹ́ olóòótọ́ tó láti ìgbà èwe. Mo ní kí a fi ìyẹn sílẹ̀. A wá ìwé ìsinmi ọdún rẹ̀ àti rẹ́jísítà ẹnu ọ̀nà, méjèèjì sì fi hàn pé kò sí níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ tí wọ́n kọ sórí rísíìtì. A kọ ìpínrọ̀ kan péré, a so ìwé méjèèjì mọ́ ọn, a sì tọ́ka sí gbólóhùn tí a fẹ́ kí wọ́n yọ. Wọ́n yọ ọ́. Àríwísí kejì, pé kì í ka ẹrù lóòrèkóòrè, wọ́n fi sílẹ̀, nítorí òótọ́ ni. Mo fara mọ́ ọn. Ẹ̀tọ́ wa ni pé kí wọ́n gbọ́ wa, kì í ṣe pé kí wọ́n gbà wá gbọ́.

Tí ìwé bá ti jáde, àyè yóò fún. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó fẹ́ gbé ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé náà lọ sílé-ẹjọ́ gbọ́dọ̀ yára, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá oṣù mẹ́ta. Nítorí náà, mo máa ń to ẹ̀dà gbogbo lẹ́tà àti ìdáhùn sí fáìlì kan bí wọ́n ṣe ń dé, pẹ̀lú ọjọ́ tí a gbà wọ́n. Mo sì ní kí ẹni tí mo dúró fún má jù ú nù, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í yára tán. Ọdún 1999 ni wọ́n tó gbé ìwé Mahon kalẹ̀ níwájú ilé aṣòfin Niu Sílándì, ní 2019 sì ni olórí ìjọba tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹbí àwọn tó kú ní Erebus.