Ìbéèrè tí mo fi rọ́pò àṣẹ nígbà tí èmi àti ọmọ iṣẹ́ mi bá jókòó

Fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ọkọ̀ wa ń gbé ẹrù tí wọn ò rí já padà wálé láti Ìdúmọ̀tà. Ọṣẹ àti ìpara la ń pín fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù, Ìlúpéjú sì ni sítọ̀ wa wà. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó ètò ọkọ̀ kò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ohun kan náà ni mo sì sọ fún un lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: "Ẹ máa tètè jáde." Ìdáhùn kan náà ló fún mi: "Ẹ má bínú, mà, a máa ṣe é." Ọkọ̀ kò tètè jáde lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Kì í ṣe pé a kì í jókòó sọ̀rọ̀ o. Ọ̀sẹ̀ méjì-méjì, ní Ọjọ́bọ̀, èmi àti ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi máa ń jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Lọ́jọ́ kan tí òun àti èmi parí, mo yẹ ìwé àkọsílẹ̀ mi wò. Ojú ewé méjì ló kún, ọ̀rọ̀ tèmi ló sì kún un látòkè délẹ̀. Kò sí ìlà kan ṣoṣo tó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ó dùn mí gan-an, torí ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ, ó sì ní làákàyè.

Ohun tí mo kọ́kọ́ jáwọ́ nínú rẹ̀ ni "Kí ló dé?" Ẹni tí wọ́n bá tọ́ dàgbà nílé Yorùbá mọ̀ pé bí àgbà bá ní "Kí ló dé tí o ò fi ṣe báyìí?", ìbáwí ló ń gbọ́, èsì rẹ̀ sì ti wà nílẹ̀: ẹ má bínú. Bí ọ̀gá bá bèèrè bẹ́ẹ̀, ẹ̀bẹ̀ ló máa gbà, kò ní gbọ́ ìròyìn. Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbé àga mi kúrò lẹ́yìn tábìlì, mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ní: "Ròyìn ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá fún mi. Látìgbà tí o dé ibi iṣẹ́ títí ọkọ̀ fi jáde, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó ròyìn rẹ̀. Aago méje àárọ̀ ló dé. Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ti ń fi ohun tí wọ́n fẹ́ rà ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù láti alẹ́, ó sì ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. Ó tó aago mẹ́jọ ààbọ̀ kó tó parí. Ìgbà yẹn ni ẹni tó ń bójú tó sítọ̀ tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi máa dì í sọ́kọ̀ tán, aago mẹ́wàá ti fẹ́ẹ̀ lù. Ọkọ̀ á gba Jìbówú, á gba Yábàá àti Òyìngbò, á gun afárá Kátà, ó di nǹkan bí aago mọ́kànlá ààbọ̀ ní Ìdúmọ̀tà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìdúmọ̀tà mọ bó ṣe máa ń rí lákòókò yẹn. Èrò àti alábàárù ti dí ojú títì, kò síbi tí ọkọ̀ máa dúró sí. Dírẹ́bà á lọ dúró lókèèrè, wọ́n á máa ru páálí díẹ̀díẹ̀ lọ, oníṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ á sì ti wà láàárín oníbàárà, kò ní ráyè ka ẹrù. Èyí tí wọn ò bá rí já di aago mẹ́ta, wọ́n á gbé e padà.

N kò mọ ìkankan nínú èyí. Dírẹ́bà ni mo rò pé ó ń lọ́ra. Báwo ni "Ẹ máa tètè jáde" ṣe fẹ́ ran ẹni tí kò tíì mọ ohun tí wọ́n rà títí di aago mẹ́jọ ààbọ̀ lọ́wọ́?

Mo wá bi í pé, "Kí ló tún wà níbẹ̀?" Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yìí ló le jù fún mi. Ẹnu ń yún mi, mo sì ń ka oókan dé mẹ́wàá nínú ọkàn mi. Ohun tí mo ti wá ṣàkíyèsí ni pé ìdáhùn àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ èyí tí ọmọ iṣẹ́ ti tò sílẹ̀ kó tó wọlé. Ìkejì tàbí ìkẹta ni ọ̀rọ̀ gan-an. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó ní àwọn oníṣọ́ọ̀bù kan ń yí ohun tí wọ́n fẹ́ padà ní aago mẹ́fà àárọ̀, torí pé a ò fìgbà kan sọ fún wọn ìgbà tí a máa ti ìwé, tí a ò ní gba ohun tí wọ́n fẹ́ rà mọ́. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Mo bèèrè pé ọ̀nà wo ló rò pé a lè gbà. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù, mà."

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ti máa ń juwọ́ sílẹ̀, tí wọ́n á sọ ìdáhùn. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, mo kàn fi aṣọ ìbéèrè bò ó ni: "Ṣé o ò rò pé ká wá ẹni tó máa bá ẹ tẹ ìwé?" Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," kò sì sí ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá. Bí ìbéèrè yín bá jẹ́ èyí tí "bẹ́ẹ̀ ni, mà" lè dáhùn, tí ìdáhùn tí ẹ fẹ́ sì ti wà nínú rẹ̀, àṣẹ lẹ pa. Ṣùgbọ́n "Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù" kì í ṣe pé ọmọ náà kò ní èrò. Ọ̀wọ̀ ni. Ẹ̀rù ń bà á kó má lọ dà bí ẹni tó ń kọ́ àgbà lọ́gbọ́n. Nítorí náà mo yọ ara mi kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà: "Ká ní mo rìnrìn àjò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, tí fóònù mi kò lọ, tó jẹ́ pé ìwọ lo máa pinnu, kí lo máa ṣe?"

Ojú rẹ̀ là. Ọ̀nà mẹ́ta ló kà sílẹ̀. Ó ní a lè ti ìwé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé. Ó ní a lè di ẹrù sọ́kọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn kan náà, kí ọkọ̀ lọ ní aago mẹ́fà àárọ̀. Tàbí ká pín ẹrù Erékùṣù sí ọjọ́ méjì. Méjì àkọ́kọ́ ló mú, ó sì pa wọ́n pọ̀.

Bí ìbéèrè ṣe tẹ̀ léra yìí, èmi kọ́ ni mo dá a sílẹ̀. Jọ́ọ̀nù Wítmọ̀, ará Ìlú Ọba tó ti fi ọkọ̀ sáré ìdíje rí, ló sọ ọ́ di mímọ̀ káàkiri láti ọdún 1992: ohun tí o ń fẹ́, bí nǹkan ṣe rí báyìí, àwọn ọ̀nà tó wà, èyí tí o máa ṣe. Nínú ìrírí tèmi, ìkejì ló máa ń gba àkókò jù. Bí mo bá kánjú fò ó, ọ̀nà àbáyọ tó bá jáde máa ń jẹ́ ti ìṣòro mìíràn.

Mo bi í pé kí ló máa kọ́kọ́ ṣe, lọ́jọ́ wo, ta ló sì yẹ kó gbọ́. Ó ní òun á kọ ìwé sí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ Ẹtì. Láyé àtijọ́, ibẹ̀ ni ǹ bá ti dìde. Ṣùgbọ́n mo fi ọ̀kan kún un: "Bí a bá kà á láti oókan dé mẹ́wàá, mélòó ló dá ẹ lójú pé èyí máa ṣeé ṣe lọ́jọ́ Ajé?"

Ó ní mẹ́fà. N kò bá a wí pé ó kéré. Mo ní, "Kí ló kù kó tó di mẹ́jọ?"

Ó wolẹ̀. Ó ní bàbá tó wà ní sítọ̀ ni. Ẹgbẹ́ bàbá tó bí i ni wọ́n, aago márùn-ún ni wọ́n sì máa ń lọ sílé. Òun kò mọ bí òun ṣe máa wí fún wọn pé kí wọ́n dúró di aago mẹ́fà. Ẹ rí i, ká ní n kò bèèrè ìyẹn ni, á gbà, á jáde, kò ní lè bá bàbá sọ ọ́, ọkọ̀ á tún pẹ́, a tún máa padà sí "Ẹ má bínú, mà."

Mo bèèrè irú ìrànlọ́wọ́ tó fẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé á ní kí n lọ pàṣẹ fún bàbá. Rárá o. Ó ní kí n fọwọ́ sí i pé kí bàbá máa wọlé ní aago mẹ́wàá lọ́jọ́ Ajé dípò aago méje, òun fúnra òun á lọ kí wọn, òun á sì bẹ̀ wọ́n. Mo fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ló lọ bá bàbá, wọ́n sì gbà fún un.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́, ọkọ̀ jáde ní aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú. Wọ́n ti dé Ìdúmọ̀tà kí ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tó ṣí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ríbi dúró. Páálí mẹ́ta ló padà wálé. Tẹ́lẹ̀, kì í dín ní ogún. Kò sì dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Oníṣọ́ọ̀bù méjì bínú gidi sí aago mẹ́rin tí a fi ti ìwé. Nígbà tí a tún jókòó, ìbéèrè tí mo fi ṣí i kò ju "Kí lo ṣe, kí lo sì rí?" lọ. Ó ti ronú sí i kó tó wọlé: ó fẹ́ kí a sún un sí aago márùn-ún. Ó ní òun ti bi bàbá, bàbá ní ẹrù náà ṣì máa wọ ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Inú mi dùn dé ibi tí mo fi ṣi ìbéèrè lò fún ẹlòmíràn. Ọmọbìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwé owó àwọn oníbàárà sì ń jáde pẹ̀lú àṣìṣe lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ń bi í: kí lo rò pé ó fà á, ọ̀nà wo lo rí? Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sí ìdáhùn nínú rẹ̀ láti yọ jáde, torí kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń ṣírò owó orí ọjà, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, lórí iye tó kù lẹ́yìn tí a bá yọ ẹ̀dínwó. Ṣe ló ń ṣírò rẹ̀ lórí iye àkọ́kọ́. Lórí ọjà 100,000 náírà tí a yọ 10,000 lórí rẹ̀, ó ń kọ 7,500 náírà, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 6,750. Ìyà ni mo fi ń jẹ ọmọ ọlọ́mọ.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Mo fà bírò, mo ṣe ìwé kan lójú rẹ̀, a jọ ṣe ìkejì, òun nìkan ṣe ìkẹta. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn, kí n tó tún gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n tó bi í pé: "Nínú àwọn ìwé tí o ṣe lọ́sẹ̀ yìí, èwo ló mú ẹ dúró ronú jù?" Ó na ọwọ́, ó fa ọ̀kan yọ láàárín wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé.