Kúùbù Sómà fún ọmọ tó ń yára parí ohun ìṣeré

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ohun tó ń jẹ́ kí ọmọ tí orí rẹ̀ pé tètè parí àwọn ohun ìṣeré àtòpọ̀ tí à ń rà nínú páálí ni pé ìwé ìtọ́nà inú páálí náà ti ronú tán kí ọmọ tó ṣí i. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ní kí ó fi ègé oníke pupa lé orí dúdú, èkejì ní kí ó ki táyà bọ̀ ọ́, ọmọ náà sì ń tẹ̀ lé e títí yóò fi dé ẹ̀yìn ìwé. Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, ẹni ọdún 9, to ọkọ̀ kan tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pé ti ọmọ ọdún 12 ni, ó sì parí rẹ̀ kí ọbẹ̀ alẹ́ tó jinná. Bí mo bá tún lọ ra páálí tó tóbi ju ìyẹn lọ, iye ègé inú rẹ̀ ni yóò pọ̀ sí i, ìrònú inú rẹ̀ kò ní pọ̀ sí i. Ọwọ́ ni yóò ro ọmọ, owó mi yóò sì ti lọ.

Nítorí náà, ohun tí mo ń wá ni èyí tí ègé rẹ̀ kò pọ̀, tí kò ní ìwé ìtọ́nà kankan, tí ọmọ yóò sì mọ̀ fúnra rẹ̀, láìbi àgbàlagbà kankan, bóyá ó ti rí i ṣe tàbí kò tíì rí i ṣe. Kúùbù Sómà ni mo mú. Piet Hein, ọmọ ilẹ̀ Dẹ́nmáàkì, ló gbé e kalẹ̀ ní 1933, òfin rẹ̀ kò sì ju gbólóhùn kan lọ: kí a lẹ àwọn kúùbù kéékèèké tó dọ́gba pọ̀ ní ojú sí ojú, kí ègé kan má gbà ju 4 lọ, kí a sì kó gbogbo ègé tó bá ní kọ̀rọ̀ tó wọnú jọ. Èyí tó bá gùn tààrà bí ọ̀pá, tàbí tó ṣe pẹrẹsẹ ní igun mẹ́rin láìní kọ̀rọ̀, kò sí lára wọn. Ègé 7 péré ló ń jáde látinú òfin yìí. Ọ̀kan gba kúùbù 3, àwọn 6 yòókù gba 4 níkọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 27, iye gan-an tí yóò to kúùbù ńlá kan tó jẹ́ 3 ní gígùn, 3 ní ìbú àti 3 ní gíga.

A lè rà á ní títò tán, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra ègé 7 tí wọ́n ti lẹ̀ ti sọ ìdajì iṣẹ́ náà nù. Mo fẹ́ kí Àbẹ̀kẹ́ wá àwọn ègé náà rí fúnra rẹ̀ kí ó tó di pé a ń to nǹkan kan. Kúùbù lásán ni mo lọ bẹ̀ lọ́wọ́ bàbá káfíńtà tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa lánàá.

Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n bá mi gé pákó oní-ínṣì kan sí ínṣì kan-kan. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, pákó yìí kì í ṣe ínṣì kan mọ́ o. A ti fá a. Ẹ jẹ́ ká wọn ìbú rẹ̀ bó ṣe rí lónìí, ìyẹn la ó fi gé gígùn rẹ̀." Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Kò sí ohun tó kàn wá bóyá kúùbù náà pé ínṣì kan, ohun tó kàn wá ni kí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ dọ́gba. Bí gígùn bá fi mìlímítà 1 ju ìbú lọ, kúùbù 3 tí a tò léra yóò fi mìlímítà 3 yọ sí apá kan, ègé kan yóò sì wọlé bí a bá dùbúlẹ̀ rẹ̀, yóò kọ̀ láti wọlé bí a bá gbé e dìde. Ọmọ yóò wá rò pé ìrònú òun ni kò tọ́, nígbà tó jẹ́ pé pákó ni kò dọ́gba.

Bàbá káfíńtà kan ègé igi kékeré mọ́ orí tábìlì ní ìwọ̀n ìbú pákó náà sí ẹnu ayùn, kí wọ́n lè máa ti pákó kan án kí wọ́n tó gé, láìtún wọn ọ̀kankan mọ́. Pákó tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 3 tó wa fún kúùbù 30, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ayùn ẹ̀rọ ń jẹ tó mìlímítà 3 lọ ní gígé kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta tó lé náà wúlò, nítorí pé àwọn kan yóò fọ́ létí. Láti mọ èyí tí kò dára, mo ń to 3 sílẹ̀ lórí ìlà, mo ń yí èyí tó wà láàárín sí apá mìíràn, mo sì ń fi ìka ra wọ́n lórí. Ibi tí ìka bá ti kọsẹ̀, ọ̀kan nínú wọn kò dọ́gba nìyẹn, a ó fi sáńpépà sí i tàbí ká yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Láàárọ̀ òní, mo da kúùbù náà sílẹ̀ níwájú Àbẹ̀kẹ́, mo fún un ní sẹ́lótéèpù, mo sì ka òfin náà fún un. Kò pẹ́ tó fi rí 6. Ó rí èyí tó ṣe bí lẹ́tà L, bí T àti bí Z, àwọn mẹ́ta tó sùn pẹrẹsẹ. Ó rí ègé oníkúùbù 3, tó sọ ní Kékeré. Lẹ́yìn náà ló rí i pé bí òun bá gbé kúùbù kẹrin gun orí Kékeré, ègé tuntun tún ni. Ó gbé e gun orí kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó pè é ní Àárín. Ó gbé e gun orí apá ọ̀tún, ó pè é ní Ọ̀tún. Ó wá dúró, ó ní ó ti tán.

Mo ní, "Apá òsì ńkọ́?"

"Mọ́mì, ọ̀kan náà ni. Ẹ kàn yí i ni."

"Ó dáa, bá mi yí i."

Ó to òmíràn, ó gbé kúùbù rẹ̀ sí apá òsì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Ó yí i sókè, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀, àwọn méjèèjì kò sì bára mu. Nígbà tí ó gbé Ọ̀tún síwájú dígí ni ó rí Òsì nínú dígí náà, ó sì pariwo. Ègé keje nìyẹn. Inú ilé-ìdáná ni mo wà, mi ò tún sọ ohunkóhun sí i.

Gọ́ọ̀mù funfun tí àwọn káfíńtà ń lò la fi lẹ̀ wọ́n. Ìkìlọ̀ kan wà níbí fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe é: ó rọrùn gan-an láti lẹ Ọ̀tún méjì láìlẹ Òsì, ohun tó sì burú níbẹ̀ ni pé ègé tí a lẹ̀ báyìí ṣì lè to kúùbù ńlá náà pé. Mo fi pẹ́ńsùlù tò ó lórí ìwé, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí kúùbù pé kò fi hàn pé àwọn ègé náà tọ̀nà. Kí a dùbúlẹ̀ méjèèjì kí kọ̀rọ̀ wọn kọjú síbì kan náà, kí a wò ó bóyá ọ̀kan gbé kúùbù rẹ̀ sọ́tùn-ún tí èkejì gbé e sósì, kí gọ́ọ̀mù tó gbẹ.

Àbẹ̀kẹ́ to kúùbù àkọ́kọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n, lẹ́yìn tó ti mọ̀ pé Àárín, Ọ̀tún àti Òsì ló yẹ kí òun kọ́kọ́ gbé sílẹ̀, nítorí pé wọ́n ń yọ sí gbogbo apá, kí òun sì fi Kékeré pamọ́ dé ìkẹyìn. Bí mo bá fi mọ síbẹ̀, yóò dà bí páálí tàná. Ìbéèrè tí mo wá bi í ni èyí: ǹjẹ́ a lè to kúùbù náà kí ẹ̀yìn T, ìyẹn kúùbù 3 rẹ̀ tó wà lórí ìlà kan, má wà létí rẹ̀ rárá?

Ó gbìyànjú títí, kò ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n pé òun kò rí i ṣe kò túmọ̀ sí pé kò ṣeé ṣe, ìyàtọ̀ yìí sì ni mo fẹ́ kí ó mọ̀. A jókòó, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka igun. Kúùbù ńlá ní igun 8. Ègé wo ló lè gba igun mélòó nínú wọn? Kékeré, Àárín, Ọ̀tún àti Òsì kò lè gbà ju 1 lọ, torí pé wọn kò gùn tó láti igun kan dé èkejì. Z gùn tó, ṣùgbọ́n orí àti ìdí rẹ̀ kò sí lórí ìlà kan náà, òun náà kò lè gbà ju 1 lọ. L lè gba 2. T ni tirẹ̀ yàtọ̀: bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wà létí kúùbù, ó gba 2, bí kò bá sí létí, kò gba ẹyọ kan. Kò lè gba 1 láé.

Àbẹ̀kẹ́ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 9. Igun tó gbọ́dọ̀ kún jẹ́ 8, nítorí náà ẹyọ 1 péré la lè pàdánù. Bí T bá kúrò létí, 2 ló lọ lẹ́ẹ̀kan, ó ku 7, igun kan yóò ṣófo. Ó tún un rò sẹ́yìn ìwé rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Nítorí náà ni kò ṣe gbà!"

Èrè mìíràn wà nínú èyí tí mi ò kọ́kọ́ rò fún un. Ní 1961, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, John Conway àti Michael Guy, fi ọwọ́ wá gbogbo ọ̀nà tí a lè gbà to kúùbù náà, wọ́n rí 240, bí a kò bá ka èyí tó jẹ́ yíyí kúùbù lásán tàbí àwòrán inú dígí. Ìṣòro ọmọ tó ń kó ọ̀nà jọ ni pé kò lè mọ̀ bóyá èyí tó rí lónìí kọ́ ni ó yà lánàá, tó kàn yí padà. Ṣùgbọ́n bí T bá gbọ́dọ̀ wà létí nígbà gbogbo, kí ó máa yí kúùbù tó bá ti tò títí ẹ̀yìn T yóò fi wà ní etí ìsàlẹ̀ níwájú rẹ̀, kí ìrù rẹ̀ sì sùn sí àárín ìsàlẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni kúùbù lè gbà dúró báyìí, kó tó wá yà á ní ipele mẹ́ta. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni ti inú dígí, tí apá òsì àti ọ̀tún kúùbù ti yí sí ara wọn, tí Ọ̀tún àti Òsì sì gba ipò ara wọn.

Ìwé ìṣirò oníwọ̀n ni ó fi ń yà wọ́n báyìí, àpótí 9 fún ipele kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà ègé nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ orúkọ ègé tó pàdánù igun kan nínú rẹ̀. Ó ti rí i pé T kò lè sí nínú àkójọ náà láé, ó sì ti ń bi mí bóyá Z lè wà níbẹ̀. Mo ní kí ó wá a.