Mo kí onílé káàbọ̀: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́jọ́ àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa ní Kétu

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ẹgbẹ́ àdúgbò wa ní Kétu ṣe àjọ̀dún ọdún 25, ọkàn mi ò sì tíì balẹ̀. Èmi ni alága. Ẹ̀yin tí wọ́n ti sọ fún yín rí pé "Alága, ẹ wá kí àwọn èèyàn káàbọ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ o," ẹ mọ bó ṣe máa ń rí. Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún péré ló yẹ kó jẹ́. Inú rẹ̀ ni mo ti sọ onílé di àlejò.

Àtíbàbà méjì la ta. Àwọn àlejò wà lápá ọ̀tún, lábẹ́ igi máńgòrò: ẹgbẹ́ tó wá láti Pobẹ̀, àwọn ọmọ ìlú tó ti Kútọnu dé, aṣojú Alákétu àti àwọn èèyàn kọmúùnù níwájú pátápátá. Apá òsì jẹ́ tàwa ọmọ ẹgbẹ́, gbogbo wa nínú aṣọ kan náà. Ìlà kẹta lọ́dọ̀ tiwa ni Ìyá Ẹlẹ́kọ jókòó sí. Ọmọ Fọn ni, ọmọ Kétu ló fẹ́ ẹ, ọkọ náà ti dolóògbé. Láti ọdún tí ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń dá 200 sẹfà lóṣooṣù. Nígbà tí à ń gbẹ́ kànga àdúgbò, òun ló ń ru ẹ̀kọ wá fún àwọn tó wà nínú kòtò, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ojú ìwé mẹ́rin ni mo kọ. Mo fẹ́ kó dùn létí, mo bá fi ìtàn bẹ̀rẹ̀: bí ogun Dàhọ̀mì, ìjọba àwọn Fọn láyé àtijọ́, ṣe wọ Kétu ní 1886, tí wọ́n sun ìlú, tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú lọ. Mo gbóhùn sókè, àwọn ọ̀dọ́ ń pàtẹ́wọ́. Bí mo ṣe ṣí ojú ìwé kejì ni mo kà á jáde pé: "Ẹ̀yin àlejò wa, ọmọ Fọn, ọmọ Máhì, ẹ̀yin Fúlàní tó ń bá wa gbé, ẹ káàbọ̀ sí Kétu."

Ìfẹ́ ni mo fi kọ ọ́. Lójú tèmi, ṣe ni mò ń fa gbogbo èèyàn mọ́ra. Ìyàwó àbúrò mi gan-an, ọmọ Fọn ni, ẹni tó bá mọ̀ mí ò lè sọ pé mo kórìíra wọn.

Ògbufọ̀ ò tíì lanu tí Ìyá Ẹlẹ́kọ ti dìde. Kò ní kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fóun, torí "kúàbọ̀" ni Fọn náà ń wí bí àlejò bá dé. Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó gbé àga rọ́bà tó jókòó lé mọ́ àyà, ó gba àárín pápá kọjá lójú gbogbo wa, ó lọ gbé e kalẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà àwọn àlejò. Ó jókòó, ó káwọ́ lé itan, ó ń wò mí. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan sáré tẹ̀lé e, ó dúró sẹ́yìn àga. Gbogbo àwọn tó yí wọn ká, aṣọ ọ̀tọ̀ ló wà lọ́rùn wọn. Tiwọn nìkan ni aṣọ ẹgbẹ́ wa níbẹ̀.

Mo rí i. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn. Mo rí i, mo sì ń kàwé mi lọ. Ojú ìwé méjì ṣì kù, bí mo bá sì ti sọ gbólóhùn kan, ẹnì kan á tún un sọ ní Fọn, ẹlòmíì á tún un sọ ní Faransé. Mo ń dúró de ògbufọ̀, ojú Ìyá Ẹlẹ́kọ wà lára mi. Àwọn onílù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti ń fọwọ́ kan ìlù pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́. Ó lé ní ìdajì wákàtí kí n tó sọ̀ kalẹ̀.

Lálẹ́, èmi àti àgbà méjì lọ sílé rẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní: "Alága, ọdún mélòó ni mo máa lò ní Kétu kí n tó dé?" Mi ò rí èsì fọ̀. Ó ní kí n dìde, ó bu omi fún wa, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ mi: ẹni tó ń bọ̀ là ń kí káàbọ̀. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá, ẹ kí i pé ẹ kú ìrìn, ẹ káàbọ̀. Ẹni tí ayẹyẹ jẹ́ tirẹ̀, tó ti náwó sí i, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú àṣeyẹ ni tirẹ̀. Ẹ kú ọdún kan gbogbo wa. Àwọn tí èèyàn wọn kú láàárín ọdún 25 yìí, ẹ kú ará fẹ́ra kù, kò sì gbọdọ̀ gbẹ̀yìn. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìkíni tí alága fẹ́ sọ ti wà nínú ìkíni wọ̀nyẹn, kò tún sí nǹkan tí à ń wá kiri. Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ ṣí ìwé owó ẹgbẹ́. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, onílé ni, ì báà jẹ́ ibi yòówù tí wọ́n bí i sí.

Ẹ má fi ẹ̀yà kí èèyàn tí ẹ lè fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kí. Bí mo bá ní "ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé ẹ̀kọ wá sétí kànga," ṣé á gbé àga? Ní ti ìtàn, òótọ́ ni ìtàn 1886, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi pamọ́. Àmọ́ mo dá a dúró síbi iná. Lẹ́yìn tí Faransé ṣẹ́gun Àgbómẹ̀, olú ìlú Dàhọ̀mì, ní 1892 ni àwọn tó ṣẹ́kù padà wá tún Kétu kọ́, mi ò sọ ìyẹn. Mo fi ogun sílẹ̀ lẹ́nu, mo sì pe ọmọ Fọn ní àlejò nínú gbólóhùn tó tẹ̀ lé e.

Ẹ fún ògbufọ̀ ní ìwé yín ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ọmọ Fọn ni tiwa, ká ní ó ti rí i ni, ì bá ti sọ fún mi. Ojú ìwé kan ti tó, torí èdè mẹ́ta á sọ ọ́ di mẹ́ta. Mo kí Kábíyèsí àti aṣojú rẹ̀ ṣáájú gbogbo èèyàn, ìyẹn ni mo ṣe dáadáa, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ mi.

Mo ti tún un kọ, nítorí ìpàdé tó ń bọ̀:

"Kábíyèsí, kádé pẹ́ lórí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti Pobẹ̀ àti Kútọnu wá, ẹ kú ìrìn, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀yin ará ilé, tẹ́ ẹ gbẹ́ kànga, tẹ́ ẹ gbé ẹ̀kọ wá, tẹ́ ẹ ń dá owó lóṣooṣù, ẹ kú ìnáwó. Ẹ̀yin tí a pàdánù èèyàn yín, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Gbogbo wa, ẹ kú ọdún."

Mo kà á fún Ìyá Ẹlẹ́kọ lánàá. Ó ní kí n fi àwọn obìnrin tó ń gbé iyẹ̀pẹ̀ kúrò létí kòtò kún un, pé òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Mo ti fi wọ́n kún un.