Ẹ̀yin tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín kì í ga, ẹ rọra mu sóbò: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Ìfúnpá tèmi kì í sábà ju 95 lórí 60 lọ, bó ṣe máa ń wà nìyẹn látọjọ́ pípẹ́, kò sì yọ mí lẹ́nu. Mo ti ń mu sóbò tipẹ́ láìsí wàhálà kankan, àṣé kíkan rẹ̀ ló ń gbà mí, torí kọ́ọ̀pù kékeré kan ni mo lè mu tí eyín á ti kan mí. Ìgbà tí mo wá mọ̀ ọ́n ṣe kó dùn ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Bí mo ṣe ń ṣe é rèé. Kọ́ọ̀pù kan sóbò gbígbẹ sí omi lítà méjì. Ẹ ṣà á, kẹ́ẹ fi omi tútù ṣàn án kíákíá torí iyanrìn, ẹ má rẹ ẹ́ sómi tẹ́ẹ máa dà nù o, gbogbo pupa rẹ̀ ló máa bá omi yẹn lọ. Tómi bá ti hó, ẹ dà á sí i pẹ̀lú jínjà tẹ́ẹ gún àti kànáfùrù bíi mẹ́rin, ẹ pa iná, ẹ dé e fún 20 ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà kẹ́ẹ sẹ́ ẹ. Ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù ò dáa fún un, kíkan yẹn máa ń jẹ ẹ́.

Tó bá kan adùn, ṣúgà ò burú, ṣùgbọ́n dàbínò ni mo fẹ́ràn jù: mo máa ń yọ kóró inú dàbínò bíi mẹ́wàá kúrò, màá rẹ ẹ́ sómi gbígbóná títí táá fi rọ̀, màá lọ̀ ọ́, màá sẹ́ ẹ sí i. Tó bá jẹ́ oyin, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kẹ́ẹ tó fi sí i. Ẹ̀yin alátọ̀gbẹ, ṣúgà ṣì ni dàbínò àti oyin o.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi dàbínò ṣe é, oòrùn mú, mi ò tíì jẹun, kíkan ò sí mọ́ tó máa dá mi dúró, bí mo ṣe mu kọ́ọ̀pù ńlá mẹ́ta nìyẹn. Ní bíi wákàtí kan àbọ̀ lẹ́yìn náà, lẹ́yìn tí mo ti tọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, mo dìde lórí àga, ojú mi ṣú, etí mi ń hó, mo di ògiri mú. Mo wọn ìfúnpá mi, 82 lórí 50. Mo dùbúlẹ̀, mo gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí, mo mu omi, nígbà tó yá mo jẹun. Mo rò pé ṣúgà inú rẹ̀ máa gbé e ga, rárá o: sóbò ń tú iṣan ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń jẹ́ kéèyàn máa tọ̀, adùn ò pa ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bi dókítà rẹ̀, ó ní kó má da méjèèjì pọ̀ láì jẹ́ kí òun mọ̀, torí méjèèjì ló ń fa ìfúnpá wálẹ̀. Aláboyún náà, ẹ fi sílẹ̀.

Ní báyìí ìdajì kọ́ọ̀pù sóbò ni mò ń lò fún lítà méjì, kọ́ọ̀pù kékeré kan lẹ́yìn oúnjẹ, tí ìfúnpá mi bá sì ti wà lábẹ́ 90 láàárọ̀, omi ni mò ń mu lọ́jọ́ yẹn.