Kọfí Tí Mo Pò fún Màmá

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìyá ìyàwó mi, ẹ mọ̀ pé kì í yin nǹkan. Láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dára jù tó tíì sọ nípa oúnjẹ ilé mi ni "ó gbóná." Nítorí náà, nígbà tó ní òun fẹ́ mu kọfí nírọ̀lẹ́ Sátidé, mo dìde kí ìyàwó mi tó dìde. Ọjọ́ mi ti dé.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èmi ni ọ̀gá kọfí ilé yìí. Èmi ni mo kọ́ wọn pé a kì í da omi tó ń hó kùkù lé kọfí inú agolo lórí. Ẹ kọ́kọ́ fi omi tútù díẹ̀ pò ó, kó yọ́ dáadáa, kó má ṣe kóró. Ẹ ṣí ìdérí kẹ́tù fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí omi náà rọlẹ̀ sí nǹkan bí ìwọ̀n 80 tàbí 85, kí ẹ tó wá dà á sí i. Lẹ́nu tèmi, bí omi bá gbóná jù, òórùn dídùn á bá èéfín lọ, kíkorò ló máa ṣẹ́kù sínú kọ́ọ̀bù. Mo ti ṣe ìwàásù yìí nídìí tábìlì títí Tómi ọmọ mi fi ń bá mi parí ẹ̀. Ṣùgbọ́n kọfí lásán kọ́ ló yẹ Màmá. Ti àwọn ará Kòríà ló yẹ ẹ́.

Ẹ rántí ọdún 2020, tí kòrónà sé gbogbo wa mọ́lé, tí kálukú ń po kọfí lórí fóònù. Dálígónà ni wọ́n ń pè é. Ṣíbí ìjẹun méjì kọfí, méjì ṣúgà, méjì omi gbígbóná, ẹ po gbogbo rẹ̀ títí yóò fi wú, tí yóò ki, tí àwọ̀ rẹ̀ á sì mọ́. Lẹ́yìn náà ni ẹ máa wá bù ú lé mílíìkì lórí. Kò sí ohun tó le níbẹ̀.

Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kọfí inú agolo ti tán. Ti inú sáṣẹ́ẹ̀tì ló kù, èyí tí wọ́n ti po ṣúgà àti mílíìkì mọ́ láti ilé iṣẹ́. Ẹ bá mi wo orí tí Ọlọ́run fi jíǹkí mi: mo ní, "Ẹ ṣeun, wọ́n ti bá mi ṣe ìdajì iṣẹ́."

Mo ya sáṣẹ́ẹ̀tì náà sínú abọ́, mo da omi sí i, mo mú irin tí a fi ń po ẹyin. Mo pò. Mo po ọwọ́ ọ̀tún, mo po ọwọ́ òsì. Wọ́n mú iná lọ, mo ń pò. Wọ́n mú un dé, mo ń pò. Òógùn ojú mi ń kán sílẹ̀, mo sì ń gbé orí sẹ́yìn kó má bàa dá kún kọfí àna mi. Ìfófòó kékeré kan yọjú létí abọ́, mo pariwo "Ó ti ń wú!" Kí Tómi tó dé kó wá wò ó, ó ti kú. Omi aláwọ̀ ilẹ̀ ló wà níbẹ̀, ó ń wò mí.

Màmá ló wọlé sí kíṣìnì. Ó dúró, ó wo abọ́, ó wo mi.

"Bàbá Tómi, ẹyin mélòó lẹ fọ́ sí i?"

"Kọfí ni, Màmá."

Kò dáhùn. Ó ti ìka bọ inú abọ́, ó fi àtàǹpàkò ra á. "Òróró wà nínú ẹ̀."

Mo ní rárá o, Màmá, mílíìkì ni. Tómi, ọmọ tí mo ń san owó iléèwé fún, mú sáṣẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ ó sì ka ẹ̀yìn rẹ̀ sókè ketekete: ṣúgà ló ṣáájú, òróró tẹ̀lé e, kọfí gan-an wá rọra ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ̀yin ò mọ̀ pé àkàrà ni Màmá fi rán ìyàwó mi níléèwé. Ó ní, "Nígbà tí mo ń ta àkàrà, bí òróró bá ti wà lára abọ́ tí mo fẹ́ fi po ẹ̀wà, ìyà ọjọ́ náà nìyẹn. Iyọ̀ àti àlùbọ́sà gan-an, ó di ìgbà tí agbada bá gbóná kí n tó fi wọ́n sí i. Afẹ́fẹ́ lẹ fẹ́ kó wọ inú ẹ̀, ẹ ò wá fẹ́ kó dúró?"

Bó ṣe rí náà nìyẹn. Kọfí lásán ní ohun tó ń mú afẹ́fẹ́ dúró nínú rẹ̀, ọ̀rá mílíìkì tàbí òróró ló máa ń bẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí mílíìkì fi ń gbẹ̀yìn. Mo ti mọ̀ ọ́n lórí tẹ́lẹ̀, ọwọ́ mi nìkan ni kò tíì gbọ́.

A rán Tómi sọ́dọ̀ mọ́là fún kọfí inú agolo kékeré. Màmá gba irin lọ́wọ́ mi, ó fi aṣọ nu abọ́ gbẹ, ó gbé e tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì ń fi ọrùn ọwọ́ pò ó, kò fi èjìká pò ó bí tèmi. Ó ní ṣúgà yẹn pọ̀ jù. Mo ní bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò, ó ṣì máa wú, ṣùgbọ́n kò ní ki, omi á tètè sun sísàlẹ̀, orí rẹ̀ á wó. Ó dín in kù díẹ̀, kó má bàa dà bíi pé ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Kò pẹ́ tó fi mọ́, tó fi wú. Ó fa irin sókè, ṣóńṣó kan dúró lórí rẹ̀, kò tẹ̀, kò ṣubú. Mo po mílíìkì inú agolo pẹ̀lú omi tútù ní ìdajì sí ìdajì, a sì bù ú lé e.

Màmá mu ún. Ó fi ṣíbí ha abọ́. Ó ronú.

"Ó tutù."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo gbójú fò. Ṣíbí ìjẹun kan jẹ́ ṣíbí tíì mẹ́ta. Kọ́ọ̀bù kan, ṣíbí tíì kan ló ń gbà. Ìfófòó inú abọ́ yẹn, gbogbo ilé ló yẹ kó pín in. Màmá nìkan ti dá kọfí kọ́ọ̀bù mẹ́fà mu, ní agogo mẹ́jọ alẹ́.

Agogo méjì òru ni mo gbọ́ ìkòkò. Ó ti fọ gbogbo wọn, títí kan àwọn tí kò dọ̀tí. Lẹ́yìn náà ló gbàdúrà fún ìdílé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ àwọn tó ti kú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹ̀rọ ìlọta.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tó fi kan ilẹ̀kùn wa.

"Bàbá Tómi, ẹ̀wà ti kúnná. Ẹ wá bá mi pò ó, mo rí i lánàá pé ẹ fẹ́ràn pípò."

Mo yíjú sí ìyàwó mi. Ojú rẹ̀ dé pátápátá, oorun ló ń sùn, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì ń mì.