Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lára ipa bàtà ọmọdé

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, lórí sáìtì tí mò ń bójú tó ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, mo rí ipa bàtà ọmọdé lórí òkìtì yanrìn wa. Wọ́n ti gun orí rẹ̀, wọ́n sì ti yọ̀ wálẹ̀. Ẹnìkan ti tú ìdè kan lára ọgbà wáyà. Mo so ó padà, mo bá iṣẹ́ mi lọ. Lójú mi, ẹni tí a kò pè tó wọlé, ọrùn ara rẹ̀ ni ohun tó bá bá a wà.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan já sínú kòtò ìpìlẹ̀ tí a fi sílẹ̀ gbayawu. Ọwọ́ rẹ̀ kán. Orí ló kó o yọ. Ìyá rẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, bi mí pé, "Bùrọ̀dá, ẹ ti mọ̀ pé wọ́n ń wọlé, àbí ẹ ò mọ̀?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ìbéèrè yẹn gan-an ni òfin ń bi wá. Ní Mitcham, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ní 1965, ọmọ ọdún mẹ́fà kan gba ibi tí ọgbà ojú irin ti wó kọjá, iná mànàmáná sì jó o. Wọ́n ti sọ fún ọ̀gá ibùdókọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọmọdé ń dé ojú irin náà, síbẹ̀ wọn kò tún ọgbà ṣe. Ní 1972, nínú ẹjọ́ tí wọ́n fi orúkọ ọmọ náà, Herrington, pè, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Bìrìtìkó dá a láre. Òfin 1984 lórí ojúṣe ẹni tó ń ṣàkóso ilé tàbí ilẹ̀ wá là á, kódà fún ẹni tó wọlé láìgbàṣẹ: bí o bá mọ ewu, tí o bá ní ìdí láti gbà pé ènìyàn lè dé ibẹ̀, tí ewu náà sì jẹ́ èyí tó tọ́ kí o dáàbò bo ẹni náà lọ́wọ́ rẹ̀, ojúṣe rẹ ni. Òfin ò ní kí o sọ sáìtì di ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ohun tó mọ níwọ̀n ló ń béèrè. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ lára pátákó kò tó fún ọmọ tí kò tíì mọ̀wé kà dáadáa.

Ipa bàtà yẹn ni ìmọ̀ tèmi. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí àmì kan, mo máa ń kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀, mo sì máa ń wá ohun tó fa ọmọ náà wọlé. Tiwa, òkìtì yanrìn ni, a sì gbé e kúrò nítòsí ọgbà. Kí a tó tilẹ̀kùn lálẹ́, a ó fi pákó tó nípọn bo kòtò tàbí kí a fi ọgbà yí i ká, a ó yọ àkàbà, a ó fi igi há páìpù kó má baà yí, a ó sì yọ kọ́kọ́rọ́ katapílà.

Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, èmi fúnra mi ló ń rìn yí ọgbà ká láti ìta. Mo máa ń bẹ̀rẹ̀ títí ojú mi yóò fi bá ti ọmọ ọdún mẹ́jọ dọ́gba, nítorí pé ibẹ̀ ni mo ti rí ihò méjì tí mi ò rí nígbà tí mo dúró.